Túwítà la pa rẹ́, ohùn àwọn bàbá Lókò ló bá a lọ

Ẹ̀yin èèyàn mi, arábìnrin kan tó máa ń ka ìròyìn mi kọ̀wé sí mi lọ́sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn. Aránṣọ ni, òpópónà tó wà lẹ́yìn ọjà Ọ̀yìngbò ló ní ṣọ́ọ̀bù sí. Ó ní òun pa àkáàǹtì Fesibúùkù òun rẹ́ nítorí àwọn oníjìbìtì tó ń yọ òun lẹ́nu, ṣùgbọ́n nígbà tí òun ra fóònù tuntun, òun ò lè wọ ibi tí òun ń kó àwòrán aṣọ àti ìwọ̀n àwọn oníbàárà òun sí mọ́. "Bùọ̀dá, Fesibúùkù nìkan ni mo pa o, n ò fọwọ́ kan èyí tó kù. Kí ló dé tí wọ́n jọ lọ?"

Mi ò tíì dá a lóhùn tán. Ìdí ni pé ọ̀rọ̀ náà gùn, àti pé ó ti ṣẹlẹ̀ sí èmi náà rí, ní Èbúté Mẹ́ta níbí, lọ́dún tí ìjọba ti Túwítà pa. Ẹ jẹ́ kí n kúkú sọ ọ́ síbí kí gbogbo wa jọ gbọ́.

Nígbà yẹn, mò ń bá iléeṣẹ́ rédíò kan ṣiṣẹ́ àṣedápadà. Èmi àti ọmọkùnrin kan tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ íńtánẹ́ẹ̀tì wọn la jọ ń ṣe ètò kan lórí àwọn bàbá tó ti ṣiṣẹ́ ní ọgbà rélùwéè, àwọn tí gbogbo àdúgbò mọ̀ sí bàbá Lókò. Ilé kọ̀ọ̀kan là ń wọ̀ tẹ̀ lé wọn. Ẹni tó rọ irin, ẹni tó wa ọkọ̀ lọ sí Kánò, ẹni tó ń tẹ fèrè. Ohùn mọ́kànlélọ́gbọ̀n la gbà. A ti gbé mẹ́tàlélógún jáde fún aráyé láti gbọ́, mẹ́jọ ṣì wà nínú ìkọ̀kọ̀ torí a ò tíì gé wọn dáadáa. Ọ̀kan nínú àwọn mẹ́jọ yẹn, bàbá tó ni ohùn náà ti kú lọ́dún 2020, ká tó gbé e jáde.

Orí ìkànnì kan tó ń gba ohùn pamọ́ la kó gbogbo rẹ̀ sí. Lọ́dún 2014 tí ọmọkùnrin yẹn ṣí i, ìkànnì náà bi í bóyá ó fẹ́ fi íméèlì àti pásíwọ́ọ̀dù wọlé tàbí kó tẹ bọ́tìnì tí wọ́n kọ `Sign in with Twitter` sí. Ó tẹ bọ́tìnì. Ta ni kò ní tẹ bọ́tìnì? Ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún, o ti wọlé, kò sí pásíwọ́ọ̀dù tí o máa gbàgbé.

Ẹ rántí bí ọ̀rọ̀ ṣe lọ lọ́dún 2021. Túwítà yọ ọ̀rọ̀ kan tí Ààrẹ Bùhárí kọ kúrò, lọ́jọ́ 4 oṣù Kẹfà, Mínísítà Lai Mohammed kéde pé ìjọba ti dá Túwítà dúró. Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, àwọn oníléeṣẹ́ fóònù ti dí i. Lọ́jọ́ Ajé, ọjọ́ 7, àjọ NBC tó ń mójú tó rédíò àti tẹlifíṣọ̀n pàṣẹ pé kí gbogbo iléeṣẹ́ ìgbóhùnsáfẹ́fẹ́ yọ àkáàǹtì Túwítà wọn kúrò. Ọ̀gá wa ò fẹ́ wàhálà. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ 8, ó ní kí wọ́n pa á. Wọ́n pa á.

Ohun tí ẹnikẹ́ni nínú wa ò fiyè sí ni pé tí èèyàn bá pa àkáàǹtì Túwítà, kì í kú lójú ẹsẹ̀. Ọgbọ̀n ọjọ́ ni wọ́n máa fi dúró dè ọ́. Tí o bá padà wọlé láàárín ọgbọ̀n ọjọ́ yẹn, ohun gbogbo á jí padà. Tó bá ti kọjá, ó parí nìyẹn. Tiwa parí lọ́jọ́ 8 oṣù Keje. Ìjọba ò sì ṣí Túwítà títí di ọjọ́ 13 oṣù Kìíní, ọdún 2022.

Ibi tó yà mí lẹ́nu jù rèé: kò sí nǹkan tó ṣẹlẹ̀. Oṣù Keje, a gbé ohùn sórí ìkànnì náà. Oṣù Kẹjọ, a tún gbé méjì. Ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa. Ìdí ni pé ìgbà tí o bá ń wọlé tuntun nìkan ni ìkànnì máa ń béèrè lọ́wọ́ Túwítà ta ni ọ́. Tí ó bá ti mọ̀ ọ́n, á fi àmì kékeré kan sínú búráúsà rẹ, àmì yẹn ló ń wò lójoojúmọ́. Kọ̀ǹpútà tó wà lórí tábìlì ọmọkùnrin yẹn ní àmì náà nínú. Onígbọ̀wọ́ wa ti kú láti bí oṣù méjì, àwa ṣì ń wọlé ń jáde.

Nínú oṣù Kẹsàn-án, kọ̀ǹpútà náà dákú. Ẹni tó ń tún un ṣe nù ún mọ́ pátápátá, ó tún gbogbo rẹ̀ tò láti ìbẹ̀rẹ̀. Ó ṣe iṣẹ́ rẹ̀ bó ṣe yẹ, ẹnì kankan ò sọ fún un pé nǹkan kan wà níbẹ̀. Àmì yẹn bá a lọ.

Ọmọkùnrin náà tẹ bọ́tìnì, ojú ìwé ò ṣí. A ní, àá, torí ìjọba ti dí Túwítà ni. Èyí ló jẹ́ ká sùn lọ. A rò pé tí wọ́n bá ti ṣí i, ilẹ̀kùn á ṣí. Ká ní a lo VPN bí àwọn aráàlú ṣe ń ṣe nígbà yẹn ni, à bá ti rí i pé Túwítà fúnra rẹ̀ ń sọ pé òun ò mọ ẹni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ mọ́.

Nígbà tí wọ́n wá ṣí i ní oṣù Kìíní, ọmọkùnrin yẹn ṣí àkáàǹtì Túwítà tuntun. Inú rẹ̀ dùn torí pé orúkọ àtijọ́ wa ṣì wà nílẹ̀, ẹnì kankan ò tíì mú un. Ó mú un. Ó lọ sí ìkànnì ohùn, ó tẹ bọ́tìnì. Ó sì wọlé! Àfi ìgbà tó pè mí lórí fóònù. "Ẹ̀gbọ́n, wọ́n ń kí mi káàbọ̀ o. Wọ́n ní kí n wá gbé ohùn àkọ́kọ́ mi sórí ẹ̀. Kò sí nǹkan kan níbí, ó ṣófo."

Ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti máa ń dàrú nìyí, ẹ jẹ́ ká fara balẹ̀ níbẹ̀. Orúkọ kan náà, fọ́tò kan náà, bọ́tìnì kan náà, kí ló dé tí kò fi mọ̀ wá?

Ẹ fojú inú wo mégádì ọgbà kan. Kò mọ̀ ọ́n rí, kò sì ní kọ́kọ́rọ́ rẹ lọ́wọ́. Tí o bá dé, á pe onígbọ̀wọ́ rẹ lórí fóònù, onígbọ̀wọ́ á ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, ẹni tí mo kọ sí nọ́ńbà báyìí nínú ìwé mi ni." Mégádì á wo ìwé tirẹ̀, á rí nọ́ńbà yẹn, á ṣí yàrá tó bá a mu. Kò wo ojú rẹ, kò sì gbọ́kàn lé orúkọ rẹ, nọ́ńbà ló ń wò. Bí bọ́tìnì ṣe ń ṣiṣẹ́ gan-an nìyẹn. Tí Túwítà bá ti rí i pé ìwọ ni, lára ohun tó máa fi ránṣẹ́ sí ìkànnì kejì ni ìlà méjì báyìí (àpẹẹrẹ lásán ni àwọn nọ́ńbà mi o):

```
user_id=100000001
screen_name=redio_wa
```

Ìlà kejì ni orúkọ, èyí tí o lè pààrọ̀ nígbàkúùgbà. Ìlà kìíní ni nọ́ńbà tí Túwítà fún ọ lọ́jọ́ tí o ṣí àkáàǹtì, kì í yí padà, wọn kì í sì í fún ẹlòmíràn. Òun ni ìkànnì ohùn kọ sínú ìwé rẹ̀ lọ́dún 2014. Nígbà tí a ṣí òmíràn ní 2022, ohun tó fi ránṣẹ́ jọ báyìí:

```
user_id=1481000000000000001
screen_name=redio_wa
```

Ní ojú tiwa, redio_wa ló padà dé. Ní ojú ìkànnì, àjèjì ni. Ó sì ṣe ohun tó máa ń ṣe fún àjèjì: ó fún un ní yàrá tuntun tó ṣófo.

Inú bí mi nígbà náà, ṣùgbọ́n mo ti wá rí i pé ó dáa bẹ́ẹ̀. Tó bá jẹ́ orúkọ ni wọ́n ń wò, ẹnikẹ́ni tó bá sáré mú orúkọ tí a fi sílẹ̀ láàárín oṣù yẹn ì bá kàn tẹ bọ́tìnì, kó sì jókòó sínú ilé wa. Ohun tó dí wa lọ́nà náà ló dí olè lọ́nà. Gúgùlù náà ní nọ́ńbà tirẹ̀, `sub` ni wọ́n ń pè é, wọ́n sì sọ ọ́ fún àwọn tó ń kọ áàpù pé òun ni kí wọ́n máa fi dá èèyàn mọ̀, kí wọ́n má fi íméèlì ṣe é.

A wá ní ká tẹ `Forgot password`. Ìkànnì ní ká kọ íméèlì wa. A kọ ti iléeṣẹ́, ti ọ̀gá, ti ọmọkùnrin yẹn, kódà a kọ tèmi. Kò mọ ọ̀kankan. Nígbà tí a ṣí i, Túwítà kì í fún àwọn ìkànnì ní íméèlì èèyàn, nọ́ńbà àti orúkọ ni wọ́n ń fún wọn. Ìkànnì ohùn ò béèrè íméèlì lọ́wọ́ wa, àwa náà ò fún un. Nítorí náà, kò sí pásíwọ́ọ̀dù tí wọ́n lè yí padà, kò sì sí ibi tí wọ́n lè fi lẹ́tà ránṣẹ́ sí. Ilẹ̀kùn kan ṣoṣo ni yàrá yẹn ní, ẹni tó di kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ mú ti kú.

Tó bá jẹ́ Gúgùlù lẹ fi wọlé, ọ̀rọ̀ yàtọ̀ díẹ̀, torí wọ́n sábà máa ń fi íméèlì yín ránṣẹ́ pẹ̀lú. Ìkànnì ní ibi tó lè kọ lẹ́tà sí. Àmọ́ Jímẹ́èlì yẹn náà ni lẹ́tà máa lọ, òun náà lẹ sì ti pa rẹ́. Gúgùlù kì í sì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tún fi àdírẹ́ẹ̀sì Jímẹ́èlì tí wọ́n ti pa rẹ́ ṣí tuntun, kódà ẹ̀yin tí ẹ ni ín. Kò sì pọn dandan kó jẹ́ ẹ̀yin lẹ máa pa á. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2023, Gúgùlù kéde pé àkáàǹtì tí ẹnikẹ́ni ò bá lò fún ọdún méjì, àwọn lè pa á rẹ́, wọ́n sì ní pípa náà ò ní bẹ̀rẹ̀ ṣáájú oṣù Kejìlá ọdún yẹn. Ẹ̀yin tí ẹ ní Jímẹ́èlì tí ẹ ṣí ní káfẹ́ láyé ọjọ́sí, ẹ̀yin ni mò ń bá wí. Títẹ bọ́tìnì `Sign in with Google` níbòmíràn wà lára ohun tí wọ́n kà sí lílò, ṣùgbọ́n ẹ rántí àmì inú búráúsà: ẹ lè máa lo áàpù kan lójoojúmọ́ fún ọdún méjì láìtún tẹ bọ́tìnì náà rárá.

Ẹ jẹ́ n padà sórí bí a ṣe gba nǹkan díẹ̀ là. Ojú ìwé wa ṣì wà lórí ìkànnì náà, ẹnikẹ́ni lè gbọ́ àwọn mẹ́tàlélógún tí a ti gbé jáde. A kò kàn lè wọ inú. Ọmọkùnrin yẹn ló rántí pé gbogbo ètò tí a bá gbé jáde bíi pọ́díkáàsì máa ń ní líǹkì kan tí wọ́n ń pè ní RSS, èyí tí àwọn áàpù fi ń mọ̀ pé ohùn tuntun ti dé. Nínú líǹkì yẹn, ẹ óò rí àdírẹ́ẹ̀sì fáìlì kọ̀ọ̀kan níwájú ibi tí wọ́n bá kọ `enclosure url` sí, kò sì béèrè pásíwọ́ọ̀dù. Báyìí la ṣe fa mẹ́tàlélógún sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó gbà wá ní ọjọ́ méjì, torí dátà.

Àwọn mẹ́jọ tó wà ní ìkọ̀kọ̀ ò sí níbẹ̀. A kọ lẹ́tà sí àwọn onílé. Wọ́n dáhùn pẹ̀lú sùúrù, wọ́n ní ká mú ẹ̀rí wá: risíìtì owó tí a ti san fún wọn rí, tàbí íméèlì tó wà lórí àkáàǹtì. Ọ̀fẹ́ la ń lò, a ò san kọ́bọ̀ rí. A ní ká fi lẹ́tà iléeṣẹ́ ránṣẹ́, wọ́n ní ẹnikẹ́ni lè tẹ lẹ́tà. N kò lè bá wọn jà lórí ìyẹn. Aránṣọ tó kọ̀wé sí mi ríṣe jù wá lọ níbí: ó ti fi káàdì báńkì san owó oṣù kan rí kí ààyè rẹ̀ lè fẹ̀, risíìtì náà ṣì wà lórí fóònù ọkọ rẹ̀. Mo ní kó fi ránṣẹ́, pẹ̀lú ọjọ́ tó san án àti nọ́ńbà mẹ́rin tó gbẹ̀yìn lára káàdì. Kó má fi gbogbo nọ́ńbà káàdì ránṣẹ́ o.

Àṣìṣe kan tún wà tí a ṣe tí n kò fẹ́ kí ẹ ṣe. Nínú yàrá òfìfo tí wọ́n fún wa, ọmọkùnrin yẹn ti yára fi íméèlì iléeṣẹ́ sí i. Tó bá jẹ́ pé àwọn onílé gbà láti so íméèlì yẹn mọ́ yàrá àtijọ́ ni, wọn ì bá sọ pé ẹlòmíràn ti ń lò ó, torí íméèlì kan kì í jókòó sórí àkáàǹtì méjì. Tí ẹ bá bá ara yín nínú yàrá òfìfo, ẹ má fi íméèlì gidi sínú rẹ̀, ẹ jáde wọ́ọ́rọ́wọ́.

Kí lẹ ó wá ṣe kí ẹ tó pa àkáàǹtì èyíkéyìí rẹ́? Ẹ kọ́kọ́ lọ wo ibi tí ó ti ń ṣe onígbọ̀wọ́ yín. Ti Gúgùlù, ẹ ṣí `myaccount.google.com/connections`. Ti Fesibúùkù, ẹ wọ Settings, kí ẹ wá `Apps and websites`. Ti Túwítà tí wọ́n ń pè ní X báyìí, ó wà ní `Security and account access`, lẹ́yìn náà `Apps and sessions`, lẹ́yìn náà `Connected apps`. Ẹ máa rí àwọn orúkọ tí ẹ ti gbàgbé. Ẹ má tíì yọ èyíkéyìí kúrò níbẹ̀, torí yíyọ ọ́ kò pa àkáàǹtì yín rẹ́ lọ́hùn-ún, ó kàn ń já okùn náà ni.

Ẹ wá wọ ìkànnì kọ̀ọ̀kan, ẹ lọ sí ètò àkáàǹtì rẹ̀, kí ẹ fi íméèlì mìíràn sí i, èyí tí kò ní í ṣe pẹ̀lú ohun tí ẹ fẹ́ pa. Ẹ ṣe pásíwọ́ọ̀dù. Àwọn ìkànnì kan ò ní fi ibi tí wọ́n ti ń ṣe pásíwọ́ọ̀dù hàn yín. Ẹ jẹ́ kí íméèlì tuntun wọlé ná, kí ẹ wá tẹ `Forgot password`, lẹ́tà á wá, ẹ ó sì fi ṣe ti àkọ́kọ́. Lẹ́yìn náà, ẹ dán an wò: ẹ ṣí ojú ìwé `Incognito`, níbi tí àmì inú búráúsà kò sí, kí ẹ fi íméèlì àti pásíwọ́ọ̀dù nìkan wọlé. Tí ẹ bá rí nǹkan yín níbẹ̀, ẹ lè pa tọ̀hún. Tí ẹ bá bá yàrá òfìfo, ẹ dúró, kò tíì yá.

Tí ẹ bá ti pa á ná, ẹ ka ọjọ́. Fesibúùkù náà ń fúnni ní ọgbọ̀n ọjọ́ láti yí ọkàn padà. Tó bá jẹ́ íméèlì ibi iṣẹ́ tàbí ti ilé-ìwé tí wọ́n fi Gúgùlù ṣe, alábòójútó wọn ṣì lè jí i padà láàárín ogún ọjọ́, ẹ sáré lọ bá a. Tí ọjọ́ bá ti kọjá, ẹ wá gbogbo fóònù àti kọ̀ǹpútà tí ẹ ti lò rí, tábúlẹ́ẹ̀tì àwọn ọmọ náà wà níbẹ̀. Tí ọ̀kan bá ṣì wà nínú ilé, ẹ má tẹ `Log out`, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni nù ún. Ẹ gba ibẹ̀ fi íméèlì tuntun sí i, kí ẹ sì da gbogbo ohun yín sílẹ̀ sórí káàdì kan. Kọ̀ǹpútà tí wọ́n tún ṣe fún wa ní oṣù Kẹsàn-án, òun ni ì bá gbà wá.

Ọmọbìnrin bàbá tó kú lọ́dún 2020 wá bá mi nílé lẹ́yìn náà, ní òpópónà Àpápá. Ó ní àwọn ń ṣe ìrántí ọdún, ó fẹ́ ohùn bàbá rẹ̀. Mo ṣàlàyé fún un bí mo ṣe ṣàlàyé fún yín yìí, àfi pé kò rọrùn lẹ́nu bẹ́ẹ̀. Ó dákẹ́, ó wá béèrè pé, "Ẹ̀gbọ́n, kò sí ibòmíràn tí ẹ tọ́jú ẹ̀ sí?" A ti fi ohun mìíràn lé orí ẹ̀rọ tí a fi gbà á. Ohun tí a rí ni ìpolówó ètò náà, tó wà lára àwọn mẹ́tàlélógún. Ọmọkùnrin yẹn ti gé ohùn bàbá díẹ̀ sínú rẹ̀, kò tó ìṣẹ́jú kan, níbi tí ó ti ń fi ẹnu ṣe bí fèrè rélùwéè ṣe máa ń dún láàárọ̀ tí gbogbo Èbúté Mẹ́ta á fi mọ̀ pé iṣẹ́ ti yá. Ìyẹn ni mo fi sórí fóònù rẹ̀.